Ta Ló Máa Ṣe Kérésì? Bí Wọ́ọ̀dù Kan Ṣe Tún Rọ́sítà Òpin Ọ̀sẹ̀ àti Ọlidé Rẹ̀ Tò

Wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àwọn obìnrin ni, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá. Nọ́ọ̀sì 14 ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mátírọ̀nù tó ni wọ́ọ̀dù àti igbákejì rẹ̀ kì í ṣe ju iṣẹ́ àárọ̀ lọ, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, nítorí náà àwọn 12 tó kù ló ń pín iṣẹ́ ọ̀sán, òru, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọlidé láàárín ara wọn. Iṣẹ́ àárọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó sì máa ń parí ní aago méjì. Àwọn tọ̀sán á gbà á títí di aago mẹ́jọ alẹ́, náìtì á sì gbà á mọ́jú. Ẹni tó bá bọ́ sí náìtì á ṣe òru méje léraléra, lẹ́yìn náà á sinmi ọjọ́ méje. Méjì ló ń wà ní náìtì lẹ́ẹ̀kan náà, méjì mìíràn á sì wà nílé, tí wọ́n ń sinmi èyí tí wọ́n ti ṣe. Àwọn mẹ́jọ tó bá kù ló ń ṣe iṣẹ́ ojúmọmọ.

Mo wà lára àwọn tí mátírọ̀nù pè láti bá òun wo rọ́sítà náà lẹ́yìn ìjà Kérésì ọdún 2022. Ìjà ni mo pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré méjì wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò ní lè ṣe Kérésì lọ́dún yẹn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé tó máa bá àwọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí kò tíì bá rí. Mátírọ̀nù ya ìwé rọ́sítà síwájú wọn. Ó fi bírò pupa ka iye Sátidé àti Sọ́ńdè tí olúkúlùkù ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kà á. Ta ni mo fìyà jẹ níbẹ̀?" Wọn kò rí nǹkan fèsì. Wọ́n ṣe Kérésì náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé òun kúrò ní wọ́ọ̀dù kí oṣù Kìíní tó parí.

Mátírọ̀nù kò parọ́, àwọn ọmọ náà kò sì parọ́. Rọ́sítà dọ́gba lórí ìwé. Nígbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rípọ́ọ̀tù, ìyẹn ìwé tí nọ́ọ̀sì tó ń lọ fi ń fa àwọn aláìsàn lé èyí tó ń bọ̀ lọ́wọ́, tí àwọn méjèèjì sì ń fọwọ́ sí, ni ojú wa là. Orúkọ inú ìwé méjèèjì kò bára mu ní ọ̀pọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè. Rọ́sítà á ní sístà àgbà kan ló ni Sọ́ńdè ọ̀sán, àmọ́ ọmọdé kan ló fọwọ́ sí ìwé rípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Sístà á pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Tọ́sìdeè: "Àbúrò mi, jọ̀ọ́ bá mi di Sọ́ńdè yìí mú, a ní ìsìnkú nílé ọkọ mi. Màá ṣe tìẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọmọ náà á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, kò ní sẹ́ni tó rántí. Nínú àṣà wa, ọmọdé kì í sin àgbà ní gbèsè, kì í sì í rọrùn fún ọmọdé láti kọ̀ fún àgbà. Kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ sístà yìí. Ìsìnkú náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbèsè irú èyí bá ti pọ̀, tí kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, orí àwọn kan náà ló ń dà lé lọ́dọọdún.

Ohun àkọ́kọ́ tí a yí padà nìyẹn, òun sì ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe. Láti ọjọ́ náà, ìwé rípọ́ọ̀tù ni a fi ń ka ẹni tó ṣiṣẹ́, a kò ka ti rọ́sítà mọ́. A ra ìwé kan, a kọ orúkọ àwọn 12 síbẹ̀, ojú ìwé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ àti ọlidé tí ẹnì kan bá ṣe ní ti gidi ń wọ ibẹ̀ ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Pàṣípààrọ̀ kò di èèwọ̀, nítorí wọ́ọ̀dù tó bá fòfin dè é, àìsàn òjijì ló máa gbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwọn méjèèjì tó fẹ́ pààrọ̀ kàn gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sínú ìwé, ọjọ́ méjì pọ̀, kí mátírọ̀nù tó fọwọ́ sí i. "Màá ṣe tìẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" kò tó mọ́, ọjọ́ wo? Láàárín oṣù méjì, ẹ̀bẹ̀ Tọ́sìdeè dínkù gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá àgbà kankan wí.

Òpin ọ̀sẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀sùn tó ń wá látọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní iṣẹ́ ojúmọmọ ni pé àwọn kì í rí òpin ọ̀sẹ̀ kankan sinmi, bẹ́ẹ̀ ìwé ń sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìṣòro náà wà nínú "ọjọ́ kan ṣoṣo" yẹn gan-an. Wọ́ọ̀dù nílò méjì láàárọ̀ àti méjì lọ́sàn-án, ìyẹn mẹ́rin ní Sátidé àti mẹ́rin ní Sọ́ńdè. Àyè mẹ́jọ nìyẹn, ẹni mẹ́jọ ló sì wà. Mátírọ̀nù fún olúkúlùkù ní ọ̀kan, ó sì dà bí ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Sátidé kò lè lọ sí ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó ní Sọ́ńdè kò lè lọ sùn sílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òpin ọ̀sẹ̀ gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

A so ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Mẹ́rin ṣe Sátidé àti Sọ́ńdè, mẹ́rin yòókù kò wá rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí i padà. Iye iṣẹ́ kò yí padà, kò sí nọ́ọ̀sì tuntun, síbẹ̀ olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í rí òpin ọ̀sẹ̀ kan odidi nínú méjì. Ohun kan ṣoṣo la fi kún un: ẹni tó máa sinmi kò gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ Fúráìdè. Ẹni tó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí kò délé títí di aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ti pàdánù mọ́tò, ó sì ti pàdánù apá kan nínú ìsinmi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náìtì fara jọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, Sátidé ni náìtì máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Sátidé ti lo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e ló máa jáde, oorun ló sì máa fi Sátidé náà sùn. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló fọwọ́ kàn fún òru méje. Nígbà tí a gbé ìbẹ̀rẹ̀ náìtì lọ sí alẹ́ Mọ́ńdè, àwọn tó ń ṣe é pàdánù òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè, òpin ọ̀sẹ̀ tó wà nínú ọjọ́ méje ìsinmi wọn sì jẹ́ tiwọn pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ rọ́sítà tirẹ̀ wò, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọlidé ló wá le jù. Lọ́dún 2023, a gbìyànjú ohun tí ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù máa ń gbìyànjú, ìyẹn ni pé a tẹ̀ lé orúkọ láti A dé Y. Ọlidé kan nílò ẹni mẹ́fà: méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lóru. Àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣe Fúráìdè Rere, àwọn mẹ́fà kejì ṣe Mọ́ńdè Àjíǹde, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ lórí ọlidé ìjọba àpapọ̀ tó máa ń wá lọ́dọọdún nìkan. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn àkọ́kọ́ tún bá ọjọ́ kìíní Ìtùnú Ààwẹ̀ pàdé, àwọn kejì bá ọjọ́ kejì rẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ ṣe ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lóṣù Karùn-ún, àwọn kejì ṣe 12 oṣù Kẹfà. Àwọn àkọ́kọ́ tún ni ọjọ́ kìíní Iléyá bá, àwọn kejì gba ọjọ́ kejì. Àwọn àkọ́kọ́ ṣe Máólúdì, àwọn kejì ṣe 1 oṣù Kẹwàá. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, àwọn àkọ́kọ́ ló ni Kérésì, àwọn kejì ló ni ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn àkọ́kọ́ náà ló sì tún ni ọjọ́ kìíní ọdún tuntun.

Bí a bá kà á, ọlidé méje ni àwọn kan ṣe, mẹ́fà ni àwọn yòókù ṣe. Ta ló máa sọ pé èyí kò dọ́gba? Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí ọdún gan-an ń wáyé, Yídì méjèèjì, Kérésì, ọdún tuntun, ọwọ́ àwọn kan ṣoṣo ló bọ́ sí, nítorí pé méjìméjì ni ọ̀pọ̀ ọlidé wa ń wá, àwa náà sì ní ọ̀wọ́ méjì péré. Orúkọ tí òbí sọ ọmọ ló wá ń pinnu bóyá ó máa jẹ iyán Kérésì nílé. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá tí wọ́n rí ohun tó ń bọ̀, sístà kan nínú àwọn àkọ́kọ́ lọ bá mátírọ̀nù, omi lójú rẹ̀. Wọ́n yí Kérésì ọdún yẹn padà ní kíákíá, wọ́n bínú sí ara wọn, wọ́n sì ṣe é.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹnì kan dá àbá tó wọ gbogbo wa lójú: kí àwọn Mùsùlùmí máa ṣe ọdún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì máa ṣe ti Mùsùlùmí. Mẹ́sàn-án jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì nínú àwọn 12, mẹ́ta jẹ́ Mùsùlùmí. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí mo rò pé àwọn mẹ́ta ló máa jìyà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti iye. Ọlidé àwọn Kìrìsìtẹ́nì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, àwọn mẹ́ta á ṣe gbogbo rẹ̀, ìyẹn mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn Mùsùlùmí jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, àwọn mẹ́sàn-án á pín àyè 30 ibẹ̀, wọ́n á tún fi ẹni mẹ́ta mẹ́ta kún àwọn Mùsùlùmí mẹ́ta lọ́jọ́ ọdún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, nítorí ẹni mẹ́fà ni ọjọ́ kan nílò. Ó tó nǹkan bíi márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ibi tó ti kọsẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta yẹn kò ní rí Kérésì kankan wà nílé láé. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa lè bèèrè pé kí ni Mùsùlùmí fẹ́ fi Kérésì ṣe. Ààjí tó dàgbà jù nínú wọn dá wa lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ dékìnì. Ọjọ́ Kérésì ni gbogbo wa ń pàdé nílé bàbá wa. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó, ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n ń rí àyè wálé." Kò sí ìdílé tí kò mọ irú rẹ̀. Nítorí náà a kò sọ ìyípadà ẹ̀sìn di òfin. A fi í sílẹ̀ bí ohun tí olúkúlùkù lè yàn fún ara rẹ̀, tí a sì ń kọ sínú ìwé bíi pàṣípààrọ̀ yòókù.

Ọ̀rọ̀ Ààjí yẹn ló mú kí a bèèrè ìbéèrè tó yẹ ká ti bi ara wa tẹ́lẹ̀. Dípò ká máa ka ọjọ́ tí ìjọba kéde, ọjọ́ wo gan-an ni ó ń dun ènìyàn láti wà lẹ́nu iṣẹ́? A ní kí àwọn 12 kọ márùn-ún sílẹ̀, kí wọ́n má fi orúkọ sí i. Alẹ́ 31 oṣù Kejìlá ló borí fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, nítorí ìsìn ìparí ọdún, ìyẹn kì í sì í ṣe ọlidé rárá. Sọ́ńdè Àjíǹde náà kì í ṣe ọlidé. Fúráìdè àti Mọ́ńdè ni ìjọba ń fúnni. Àwọn kan kọ alẹ́ 24. Àárọ̀ Yídì ni àwọn Mùsùlùmí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sókè, kò sì sẹ́ni tó kọ 1 oṣù Kẹwàá.

Ó wá di pé a kó ọdún jọ sí ìdì márùn-ún: Kérésì, láti alẹ́ 24 dé 26, ọdún tuntun, láti alẹ́ 31, Àjíǹde, láti Fúráìdè dé Mọ́ńdè, Ìtùnú, àti Iléyá. Ọlidé yòókù wọ inú rọ́sítà lásán bíi ọjọ́ mìíràn, a sì ń dá ọjọ́ ìsinmi padà fún ẹni tó bá ṣe é kí oṣù tó parí. Lórí ìdì márùn-ún yìí, òfin méjì péré ló wà. Ẹni tó bá ṣe Kérésì kò ní ṣe ọdún tuntun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣe ìdì kan lọ́dún yìí, ìdì yẹn kò gbọ́dọ̀ bá a lọ́dún tó ń bọ̀, àfi bó bá fúnra rẹ̀ bèèrè fún un. Ìwé olórúkọ náà kì í sì í tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ń tẹ̀ lé ẹni náà wọ ọdún tuntun. Mátírọ̀nù nìkan ló fi ohun kan kún un, a kò sì bá a jiyàn: nọ́ọ̀sì tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ọmọdé bíi tirẹ̀ ní náìtì ọdún. Àwọn dókítà kì í pọ̀ lóru irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtùnú ló dán an wò lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́dún 2024, Àjíǹde bọ́ sí 31 oṣù Kẹta, Ìtùnú sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ààjí àti àwọn méjì yòókù bèèrè fún Àjíǹde, kí àwọn lè wà nílé fún Ìtùnú. Ìjọba kéde 9 àti 10 oṣù Kẹrin. Lálẹ́ Mọ́ńdè ọjọ́ 8, oṣù kò lé, Súlítáànù kéde pé Wẹ́sìdeè ọjọ́ 10 ni ọdún, ìjọba sì fi ọjọ́ 11 kún ọlidé. Rọ́sítà tó bá kọ "Ìtùnú, ọjọ́ 9" ti dàrú lálẹ́ ọjọ́ kan. Tiwa kò dàrú, nítorí a kò so ìdì náà mọ́ ọjọ́ kan. Ọ̀wọ́ méjì ni a tò, ọ̀wọ́ Túsìdeè àti ọ̀wọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn mẹ́sàn-án tó kù la sì mú fún méjèèjì, àwọn kan ṣe ọjọ́ méjèèjì. Ọjọ́ yòówù kí oṣù yàn, àwọn mẹ́ta náà wà ní Yídì. Ọjọ́ 11 tí ìjọba fi kún un nìkan ló yọ wá lẹ́nu díẹ̀. Igbákejì mátírọ̀nù ní kí a fi òun sí àárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, òun àti mátírọ̀nù ń mú àárọ̀ kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ó ya àwọn ọmọdé lẹ́nu ju gbogbo òfin wa lọ.

Kérésì 2024 kọjá láìsí lẹ́tà kankan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é jẹ́ sístà àgbà tí ìwé rípọ́ọ̀tù fi hàn pé Kérésì kò bá rí fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ojú ìwé tirẹ̀, ó wo ti àwọn ọmọdé, ó ní, "Ó kàn mí lóòótọ́," ó sì lọ múra.

Ọdún 2025 mú ohun tí kò sí rọ́sítà tó lè tún un ṣe. Àwọn méjì lọ sí òkè òkun, ìjọba kò sì tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Àwọn 10 ló kù: mẹ́rin lórí náìtì àti ìsinmi náìtì, mẹ́fà fún ojúmọmọ. Mẹ́rin ṣì ni òpin ọ̀sẹ̀ nílò, nítorí náà méjì péré ló lè wà nílé lọ́sẹ̀ kan, olúkúlùkù á ṣe òpin ọ̀sẹ̀ méjì kó tó sinmi ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá lọ ìsinmi ọdún rẹ̀, ó tún le sí i. Mátírọ̀nù kọ ìṣirò yìí sórí pátákó wọ́ọ̀dù, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé rípọ́ọ̀tù oṣù mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀bẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tuntun jáde láti wọ́ọ̀dù yẹn pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ nínú, dípò "iṣẹ́ pọ̀ jù." Wọ́n fún un ní ẹnì kan lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Mátírọ̀nù tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, kí ó má bẹ̀rẹ̀ látorí rọ́sítà tuntun. Kí ó kó ìwé rípọ́ọ̀tù ọdún kan jọ, kí ó fi ẹni méjì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn jókòó tì í, kí wọ́n ka ẹni tó fọwọ́ sí i ní Kérésì, ní alẹ́ 31, ní Sọ́ńdè Àjíǹde àti ní àárọ̀ Yídì méjèèjì. Ọ̀sán kan tó láti ka márààrún. Kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má sọ ohunkóhun sí i, kí wọ́n tó pe ìpàdé.